Káńsù Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọ wa ti dàgbà jù. Ṣé kọ́ọ̀tù lè dá sí i?

Ìyá Tómi, Kubwa: Ẹ kú àárọ̀ o, ará ilé. Ọmọ àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 16 ni. Kò níbi tó máa gbé, ló bá lọ bá káńsù kan. Wọ́n wò ó láàárín wákàtí kan, wọ́n ní ó ti lé ní 18, àwọn ò ní gbà á bí ọmọdé. Àfidáfíìtì ọjọ́ orí tí bàbá rẹ̀ ṣe níbí, wọ́n ní kò tó.

Alàgbà Lugbe: Ẹ má wulẹ̀ náwó. Kọ́ọ̀tù kì í yẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò. Bí wọ́n bá ti tẹ̀lé ìlànà, ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí náà nìyẹn.

Lọ́yà Gwarinpa: Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń rí lẹ sọ yẹn. Tí ẹ̀rí bá wà tí ọ́fíìsì lè gbé ẹsẹ̀ lé, adájọ́ kì í sọ pé òun ìbá rò ó bíi mìíràn. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹnu ọ̀nà agbára ọ́fíìsì. Òfin Ìlú Ọba ti 1989 lórí ọmọdé ní kí káńsù wá ilé fún *ọmọdé* tó nílò rẹ̀. Tí káńsù bá ṣi ọjọ́ orí kà, ṣé ó máa fi àṣìṣe tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ni? Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba ní rárá, nínú ẹjọ́ ọmọ kan tí wọ́n pè ní A àti káńsù Croydon ní 2009. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bí ọmọ; ṣé ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló máa gbọ́ ẹ̀rí, táá sì dá ọjọ́ orí náà. Bóyá ọmọ náà *nílò* ìrànlọ́wọ́, ìyẹn ni káńsù máa fi làákàyè wò.

Bàbá Nyanya: Tèmi gan-an nìyẹn! Ọ́fíìsì kan gba ilẹ̀ mi níbí, wọ́n ní n ò sanwó. Rìsíìtì rèé lọ́wọ́ mi!

Lọ́yà Gwarinpa: Ẹ kọ́kọ́ ka òfin tí wọ́n fi gbà á, sà. Tó bá ní "bí kò bá sanwó", ọ̀rọ̀ lè jọ ti ọmọ yìí. Tó bá ní "bó bá dá wa lójú pé kò sanwó", ó le díẹ̀. Ní Ìlú Ọba, láti 2004, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣì lè ba ìpinnu jẹ́: kí òótọ́ náà ṣeé rí kedere láìsí àríyànjiyàn, kó má jẹ́ ẹ̀yin lẹ fà á, kó sì ti kó ipa pàtàkì nínú ìpinnu náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìlú ẹlòmíì kò de adájọ́ Abuja o.

Alàgbà Lugbe: Ẹ̀n-ẹ́n. "Bó bá dá wa lójú" náà ni wọ́n máa ń kọ.

Ìyá Tómi, Kubwa: Ẹ dárí wá sọ́dọ̀ ọmọ mi jọ̀ọ́.

Lọ́yà Gwarinpa: Ẹ máà bínú, mà. Kó gba ìwé ìpinnu náà, kí ìdí wà nínú rẹ̀, kó sì wá lọ́yà lọ́hùn-ún kíákíá. Oṣù 3 ni òpin àkókò láti pẹjọ́, ẹni tó bá sì ń fà á nílẹ̀ lè pàdánù kó tó pé. Àfidáfíìtì oṣù tó kọjá kò lágbára tó ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ronú ẹjọ́: káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, rẹ́jísítà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tómi, Kubwa: Káàdì wà nínú àpótí ìyá wa ní Ìlọrin. Ọjọ́ àti oṣù hàn dáadáa, àmọ́ omi ti kán sórí ọdún.

Lọ́yà Gwarinpa: Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi bíírò tún ọdún yẹn kọ.