PCV ìyá wa já wálẹ̀ lẹ́yìn dírììpù: níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà lọ?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì fẹ́ kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí sọ tirẹ̀ fún wa. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì mú ìyá wa, ẹni ọdún 68. Nígbà tí a ó fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ètè wọn ti gbẹ, ojú wọn ti jìn wọnú, wọn kò sì tọ̀ láti òwúrọ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé PCV wọn jẹ́ 38, Hb wọn, ìyẹn hẹmoglóbíìnì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, sì jẹ́ 12.6, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ wọn tó. Wọ́n fa dírììpù sí wọn lára di ọjọ́ kejì, ara wọn balẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún ẹ̀kọ gbígbóná. Àfi bí wọ́n ṣe tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀wò tí ìwé sì jáde pẹ̀lú PCV 30 àti Hb 10.1. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fárígá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í dédé lọ bẹ́ẹ̀ láàárín òru kan, pé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ìyá wa tà ni. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣàlàyé kò rí àyè sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìlọ́rọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Nígbà tí èmi náà gba dírììpù lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣàlàyé fún mi pé omi lè mú kí PCV dín kù, nítorí pé ìwọ̀n àyè tí sẹ́ẹ̀lì pupa gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ni PCV ń sọ. Ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì pupa gan-an ni hẹmoglóbíìnì ń gbé, omi kò sì lè wọ ibẹ̀ lọ dín in kù. Bí ó bá jẹ́ PCV nìkan ló já, ǹ bá ní omi ni. Hb náà ló já yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ohun tí a lè gbé sọnù.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo: Ewé ugwú ni kí ẹ fún wọn. Ẹ gún un, ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ bu mílíìkì àti móòtì sí i. Nígbà tí mo wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní PCV mi jẹ́ 32, ó sì ti jẹ́ 37 kí n tó lóyún. Ugwú yìí ni mo mu títí mo fi bímọ, lẹ́yìn ìbímọ ó sì padà di 36. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò, oúnjẹ ni.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yìí rò sì ti dé ọ̀dọ̀ wa lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá Ìlọ́rọ̀, ẹ gbà mí láyè kí n tako yín díẹ̀. Òótọ́ ni pé inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni hẹmoglóbíìnì wà. Ṣùgbọ́n Hb tí a ń kọ sí ìwé kì í ṣe àpapọ̀ hẹmoglóbíìnì tó wà lára ènìyàn. Iye gíráàmù tó wà nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Bí ẹ bá bu omi sí ọbẹ̀, ata inú ìkòkò kò dín, ṣùgbọ́n ata inú ṣíbí kan yóò dín. Nítorí náà omi máa ń gbé Hb àti PCV sókè tàbí wálẹ̀ pọ̀ ni, kì í mú ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ti ìyá yìí. Kí a sọ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa ara wọn jẹ́ lítà 1.2. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi kúrò lára wọn, àpapọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn lè má ju lítà 3.2 lọ, 1.2 nínú 3.2 sì sún mọ́ ìdá 38 nínú 100. Dírììpù dá omi padà, ẹ̀jẹ̀ náà di lítà 4. Sẹ́ẹ̀lì pupa ṣì jẹ́ lítà 1.2, ṣùgbọ́n ìdá 30 nínú 100 ni ó jẹ́ báyìí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hb: ẹ fi 3.2 sọ 12.6 di púpọ̀, kí ẹ fi 4 pín in, 10.1 ni yóò já sí. Ohun tó wà nínú ìwé yín gan-an nìyẹn, sẹ́ẹ̀lì pupa kan kò sì kúrò lára wọn.

Ní ti olè, ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà sínú ìgò olómorí aláwọ̀ àlùkò kò ju mílílítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Kí a tó lè fi fífà nìkan mú PCV já láti 38 sí 30, ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà yóò tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara, omi yóò sì ní láti rọ́pò rẹ̀. Nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lára ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì àti omi ló jọ ń lọ, èyí tó kù kò sì tíì yí padà. A ti rí ọlọ́kadà tí ojú rẹ̀ funfun, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí PCV rẹ̀ sì jẹ́ 40. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ pẹ̀lú dírììpù, ó di 25. PCV 40 yẹn ló ń pa ènìyàn, nítorí pé ó ń tan àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ.

Ìyá Ìbejì, mi ò bá ugwú jà, ṣùgbọ́n ti oyún náà kò yàtọ̀ sí èyí. Sẹ́ẹ̀lì pupa aboyún ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ jù ú lọ, pàápàá ní àárín oyún. Ìdí nìyí tí àjọ ìlera àgbáyé fi gbà pé Hb aboyún lè wá sí 11 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó wá sí 10.5 ní oṣù mẹ́ta kejì, kí ó sì padà sí 11 ní ìparí, nígbà tí obìnrin tí kò lóyún gbọ́dọ̀ tó 12. Bí ọmọ bá ti wáyé, omi náà á lọ.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ugwú náà ṣáà ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Tèmi kò bá ara mu rárá. Hb mi jẹ́ 11.8, PCV mi sì jẹ́ 29 lórí ìwé kan náà. Ẹnìkan ti sọ fún mi rí pé bí a bá fi mẹ́ta sọ Hb di púpọ̀, PCV ni yóò jáde. 35 ló yẹ kí n rí. Kò sì sí ẹni tó fa dírììpù sí mi lára.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò ṣìnà, bí 38 àti 12.6 ìyá yẹn náà ṣe bá ara mu nìyẹn. Bí àlàfo bá tó báyìí, omi ara kọ́ ni a ó fura sí, bí a ṣe gba ẹ̀jẹ̀ tàbí bí a ṣe kà á ni. Ẹ rántí, ṣé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà yín kún ìgò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Rárá o. Iṣan mi kò hàn, ó rọra ń kán ni. Kò kọjá ìdí ìgò.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibẹ̀. Oògùn tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú ìgò náà, ẹ̀jẹ̀ mílílítà mẹ́rin ni wọ́n sì wọn oògùn náà fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, oògùn á pọ̀ jù, á sì fa omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì á súnkì. A ó wá fa ẹ̀jẹ̀ yìí sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi amọ̀ dí ìdí rẹ̀, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, sẹ́ẹ̀lì tó ti súnkì á sì gba àyè kékeré, PCV á kéré. Ní ti Hb, ńṣe ni a ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì kí a tó fi iná ka àwọ̀ rẹ̀, sísúnkì kò sì pa á lára. Hb ni kí ẹ gbà gbọ́ nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó kún ìgò.

Ẹ̀gbọ́n Tí À Ń Bú: Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ. Ìṣirò yín yé mi, mo sì ti lọ bá nọ́ọ̀sì náà. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: èwo ni òótọ́ nínú 38 àti 30? Bí ó bá sì jẹ́ 30, ṣé kì í ṣe ọjọ́ orí ni? Ẹni ọdún 68 kò lè ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́. Obìnrin sì ni wọ́n, nǹkan oṣù ti gbé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ tẹ́lẹ̀.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: 30 ló sún mọ́ òótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dírììpù lè ti bomi là á ju bó ti yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò nígbà tí ìyá bá ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń tọ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n má sì fa ẹ̀jẹ̀ náà ní apá tí dírììpù wà.

Nǹkan oṣù kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìlà Hb kan náà ni wọ́n fi ń wọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin títí wọ́n fi kọjá ọdún 14. Lẹ́yìn ìbàlágà ni ti ọkùnrin fi gòkè sí 13, nítorí pé omi ìsúnniṣe ọkùnrin máa ń ti mùdùnmúdùn egungun láti pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Ní ti àgbà, kò sí ìlà tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún un: 12 náà ni fún ìyá ọdún 68. Ìgbẹ́ gbuuru ló bo 10.1 yìí mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe pé dírììpù ló dá a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wá ìdí rẹ̀, bóyá inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, tàbí kíndìnrín. Ṣé wọ́n ń lo oògùn ìrora?

Ẹ̀gbọ́n Tí À Ń Bú: Oògùn orúnkún, lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Bàbá Tuntun: Ọmọ wa PCV rẹ̀ jẹ́ 54 nígbà tí a bí i. Ó pé oṣù méjì, ó di 32. Ìyàwó mi sunkún títí.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Bí wọ́n bí i ní oṣù rẹ̀, tó ń mu ọmú, tó sì ń sanra, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń rí ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá nìyẹn. Ọ́síjìn pọ̀ fún un níta ju inú ìyá lọ, ara rẹ̀ á sinmi sẹ́ẹ̀lì ṣíṣe fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ láti mu ọmú tàbí tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ gbé e lọ.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jọ́ọ̀sì: Obìnrin ni mí, Jọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣòwò. Hb mi jẹ́ 12.4, dókítà kan ní ó dára. Dókítà mìíràn ní nítorí pé ìlú wa ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sókè òkun, kí a yọ 0.8 kúrò, ó wá ku 11.6, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Ara mi le, mo ń gbé ẹrù. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Dókítà kejì ń lo ìlànà àjọ ìlera àgbáyé ti ọdún 2024, tó yọ 0.8 fún ibi tó wà láàárín mítà 1,000 sí 1,499. Ìlànà àtijọ́ kò yọ tó bẹ́ẹ̀ ní ibi gíga bíi tiyín, Hb yín ì bá sì wà lókè ìlà bí wọ́n bá lò ó. Ọ́síjìn fúyẹ́ lókè, kíndìnrín á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun, sẹ́ẹ̀lì á pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Hb tó ga díẹ̀ nílùú yín lè má ju èyí tó kéré ní Èkó lọ. Àwa aláyẹ̀wò pàápàá ń jiyàn lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé àbájáde kò sì yọ ohunkóhun.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jọ́ọ̀sì: Mò ń bọ̀ wá ṣe ọdún nílé. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, ṣé yóò fi òótọ́ hàn?

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Bí ẹ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóyá. Bí ọjọ́ díẹ̀ ni, rárá, sẹ́ẹ̀lì Jọ́ọ̀sì ni yóò ṣì wà lára yín. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò fẹ́rítìnì dípò rẹ̀, òun ni yóò sọ bí irin tó pamọ́ sára yín ṣe tó. Kí ẹ má sì ṣe é nígbà tí ibà tàbí kòkòrò àrùn bá wà lára, nítorí pé ìyẹn máa ń gbé e sókè lásán.

Bàbá Ìlọ́rọ̀: Ọ̀gá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jọ́ọ̀sì, tí Hb rẹ̀ gòkè ní ọjọ́ kejì, ṣé sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ nìyẹn?

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Rárá. Bí ó bá gòkè lọ́jọ́ kejì, omi ló dín.