Kí ló wà nínú búùtù yín tẹ́ ẹ bá ń rìn jìnnà?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀yin ará, èmi àti ìdílé mi ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ní jáàkì, sípánà wíìlì àti táyà àfirọ́pò. Kí ló tún ti gbà yín lójú ọ̀nà rí?

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́: Omi, sukudiráfà, ọ̀bẹ. Èmi àti oníbàárà mi kan ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó kù díẹ̀ ká wọ Ẹ̀pẹ́, ni gééjì ooru bá gòkè lójijì. A pa ẹ́ńjìnnì. Ọ́ọ̀sì òkè ti là nídìí kílíìpù, omi ti tán. A dúró títí ọwọ́ fi lè gba ọ́ọ̀sì náà mú. Mo tú kílíìpù, mo gé ibi tó là kúrò, bí ìka kan, mo tì í padà, mo dè é le. A wá bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ó gba lítà 4. Tó bá jẹ́ àárín ọ́ọ̀sì ló ti là, gígé ò lè ràn án. Ọ́ọ̀sì mìíràn ló máa gbà.

Ìyá Ìbejì Àgbówá: Dádì wọn kì í dúró ní tiwọn o. Wọ́n á ṣí ìdérí radiétọ̀ kíá kí ooru lè jáde.

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́: Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mà! Omi inú ibẹ̀ lè gbóná kọjá 100, ìdérí yẹn ni kò jẹ́ kó hó. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo ẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sí wọn lójú. Omi tútù sì lè la hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Ìyá Ìbejì Àgbówá: Há! Mo ń fi hàn wọ́n báyìí.

Ará Bàdágìrì: Ìwé ni kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ìṣúránsì tilé ò tó, ẹ gba Bíráùn Káàdì Ẹkówáàsì.

Tóyìn: Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe Kùtọnú.

Ará Bàdágìrì: Láísẹ́ńsì àti rodwọ́ọ̀dì ńkọ́? Wọn ò ní bèèrè lọ́nà Àkúrẹ́ ni?

Awakọ̀ Ìtòkín: Omi lásán á dípẹtà sí ẹ́ńjìnnì. Kúlántì nìkan lèmi ń gbé.

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́: Òótọ́ ni pé ó ń dípẹtà tó bá pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bu omi kẹ́ ẹ fi délé, kí mẹkáníìkì wá fa gbogbo rẹ̀ dànù, kó rọ kúlántì sí i.

Awakọ̀ Ìtòkín: Ta ló máa ń rántí fà á tó bá ti délé? Kúlántì ni tèmi.

Tóyìn: Inú jálá ni kẹ́ ẹ gbé omi sí o. Píọ̀ wọ́tà bẹ́ nínú búùtù wa, ó rin gbogbo ẹrù.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ṣé ọ́ọ̀sì òkè nìkan ni kí n rà dání, àbí pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀?

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́: Ọkọ̀ wo ni? Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Èyí tó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tàbí tó ń sán lára, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.