Ẹ̀jẹ̀ màmá mi 8%, tèmi 16%: ṣé ìlọ́po méjì ni yóò máa di lára àwọn ọmọ ni?

Ìyá Ìbejì, Líìdì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èsì àyẹ̀wò wa ti dé. Ó ti pẹ́ tí màmá mi ti ní àtọ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ wọn ò sanra rí láyé wọn. Etí wọn náà ń di díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Abẹ́òkúta rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Dókítà kan níbí ló so àtọ̀gbẹ àti etí pọ̀, tó ní kí wọ́n yẹ mitokóńdíríà wa wò. Ìyípadà jíìnì tí wọ́n rí níbẹ̀ ni `m.3243A>G`. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 58, ẹ̀jẹ̀ wọn ní 8%. Èmi jẹ́ ẹni ọdún 30, tèmi jẹ́ 16%. Kò tíì sí nǹkan tó ń ṣe mí. Àmọ́ bó bá ti di ìlọ́po méjì láti ara màmá dé ara mi, ṣé 32 ni yóò jẹ́ lára àwọn ìbejì mi? Mi ò rí oorun sùn.

Bàbá Tólú, Mansẹ́sítà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Baálé yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọn náà lọ ṣàyẹ̀wò. Bíi ti AS náà ni: bí ọkọ bá jẹ́ AA, kò séwu fún ọmọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ̀gbọ́n, ti AS kọ́ lèyí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mitokóńdíríà tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì ní jíìnì tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú ẹyin ìyá ni gbogbo wa sì ti gbà á. Ìwọ̀nba tó bá àtọ̀ bàbá wọlé, ẹyin á pa á run. Nítorí náà, àyẹ̀wò ọkọ ò lè sọ ohunkóhun fún wa níbí. Àwọn àìsàn mitokóńdíríà mìíràn wà lóòótọ́ tó jẹ́ pé jíìnì àárín sẹ́ẹ̀lì ló fà á, irú `POLG`. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n lè bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n 3243 kò sí lára wọn.

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìlọ́po yẹn. 8 àti 16 kò ṣeé fi wéra bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà jíìnì yìí ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, nígbà míì ó máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn kan ti yí padà, àwọn yòókù dára. Iye tó ti yí padà nínú ọgọ́rùn-ún ni 8% yẹn ń sọ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láìsinmi, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìyípadà pọ̀ nínú wọn ò sì lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn figagbága. Ọdọọdún ni iye inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ti inú iṣan ara kì í lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn làwọn olùwádìí fi ṣe ìṣirò tó ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ọ̀rọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Ẹ fi èsì ẹ̀jẹ̀ sápá òsì, kí ẹ fi ọjọ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ 12; 0.977 àti 12 kì í yí padà nínú ìṣirò náà:

```
8  / 0.977^(58+12) = 40.8
16 / 0.977^(30+12) = 42.5
```

Ti màmá ló wà lókè, tiyín ló wà nísàlẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀kan náà lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ọdún 28 tí màmá fi jù yín lọ ló mú tiwọn kéré. 3243 nìkan ni wọ́n ṣe ìṣirò yìí fún o, kí ẹnikẹ́ni má mú un lọ síbòmíràn.

Ìyá Ìbejì, Líìdì
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. A jẹ́ pé bíi 42 náà ni àwọn ọmọ máa ní?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Ìyẹn la ò lè sọ. Nígbà tí ẹyin ń dàgbà nínú ọmọbìnrin tí wọn ò tíì bí, ìwọ̀nba ẹ̀dà díẹ̀ ló ń gba ibi tóóró kọjá, kó tó tún pọ̀ sí i. Bí ẹ bá po ẹ̀wà funfun pọ̀ mọ́ ẹ̀wà pupa, tí ẹ wá fi ṣíbí kékeré bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣíbí kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun látòkè délẹ̀, pupa lè kún òmíràn. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá wá láti inú ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye tó wà lára wọn lè jìnnà síra. Ọmọ kan lè kéré sí ìyá rẹ̀, òmíràn lè jù ú lọ. Pé iye náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, kì í ṣe òfin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hiúsítìn
Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ jẹntamaisíìnì! Àwọn tó ní nǹkan mitokóńdíríà yìí, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan lè di wọ́n létí. Ẹ kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá nílé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìyípadà mìíràn, `m.1555A>G` lẹ ń sọ. Ìyẹn sábà máa ń kún gbogbo ẹ̀dà látòkè délẹ̀, kì í ṣe àdàlù bíi ti 3243. Ní 2021, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Bìrìtéènì ṣe ìkìlọ̀ nípa irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ní ìyípadà mitokóńdíríà. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n màmá lè sọ fún dókítà wọn kó tó gún wọn. Kò ní pa wọ́n lára.

Ìyá Ìbejì, Líìdì
Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n màmá náà. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n. Èsì ní kò sí 3243 rárá. Ó yà mí lẹ́nu.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ má gba èsì yẹn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ orí yẹn, iye inú ẹ̀jẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ débi tí ẹ̀rọ ò fi rí i, kí iṣan ara sì kún fún un. Ìtọ̀ ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí iye inú ìtọ̀ sábà máa ń ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó lè yàtọ̀ láti ìgbà kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ má fi ìyàtọ̀ kékeré dẹ́rù ba ara yín. Ní ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá, kò séwu: bàbá wọn ò lè fún wọn. Àwọn àbúrò màmá obìnrin àti ọmọ wọn ló yẹ kẹ́ ẹ pè.

Bàbá Tólú, Mansẹ́sítà
Ṣé mẹtifọ́míìnì ni màmá ń lò fún àtọ̀gbẹ? Mo gbọ́ pé kò dára fún wọn. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù lálẹ́ òní.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Lóòótọ́, àwa náà kì í sábà fún wọn ní mẹtifọ́míìnì, nítorí ó lè jẹ́ kí ásíìdì kan kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ bí màmá bá dá a dúró láìsí àrọ́pò, ṣúgà á gbéra. Ẹ pe dókítà lọ́la, kí ẹ mú lẹ́tà àyẹ̀wò náà dání, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, àti tiyín náà, torí 3243 lè ba ọkàn jẹ́ kó tó hàn síta.

Ìyá Ìbejì, Líìdì
A ti pè wọ́n. Ó ku ọ̀kan. Mo fẹ́ ọmọ mìíràn. Mo ka nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ní Niukásù, kí ọmọ má bàa gba irú nǹkan yìí lára ìyá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hiúsítìn
Ọmọ ẹlẹ́ni mẹ́ta! Mi ò lè ṣe é láé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Òfin fàyè gbà á ní Bìrìtéènì láti 2015, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n sì kéde ní 2025 pé ìtọ́jú náà ti bí. Wọ́n máa ń kó jíìnì àárín sẹ́ẹ̀lì ti ìyá àti bàbá sínú ẹyin obìnrin mìíràn tí mitokóńdíríà rẹ̀ dára. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni àjọ tó ń bójú tó o máa ń gbà á láyè lọ́tọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ ṣe èyí tí wọ́n ti ń yẹ ọlẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi èyí tí iye rẹ̀ kéré síkùn. Ó ń dín ewu kù, kò pa á rẹ́.

Ìyá Ìbejì, Líìdì
Àwọn ìbejì ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n, ara wọn yá.

Bàbá Tólú, Mansẹ́sítà
Ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí a bá mọ̀ la lè múra sílẹ̀ dè.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù
Níbi iṣẹ́ wa, a kì í sábà yẹ ọmọ tí ara rẹ̀ yá wò. A máa ń dúró kó dàgbà, kó yàn fúnra rẹ̀, àyàfi bí etí tàbí ìdàgbàsókè bá ń mú wa fura. Èmi á kàn ní kí wọ́n máa yẹ etí wọn wò lóòrèkóòrè.

Bàbá Tólú, Mansẹ́sítà
Èmi ò gbà. Bí tèmi bá ni, mo fẹ́ mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Líìdì
Bàbá wọn náà ní ká yẹ̀ wọ́n wò. Èmi ni mi ò tíì lè gbà. Ọjọ́ Ẹtì la máa rí dókítà jíìnì, màá béèrè ti ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá níbẹ̀.