Mọ́tọ̀ dísì, mọ́tọ̀ éésì: kí la fẹ́ máa pè wọ́n, kí la sì fẹ́ máa pe yíyí tí ò mú omi wá?

Akọ̀wé: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mò ń kọ ìwé kékeré kan fáwọn tó fẹ́ ra pọ́ǹpù sólà. Kí ni mo lè pe mọ́tọ̀ dísì àti mọ́tọ̀ éésì? Mo tún ń wá ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí pọ́ǹpù máa ń ṣe tí oòrùn ò bá mú, tó máa ń yí àmọ́ tí omi ò ní jáde.

Tíṣà: Ẹ má kọ "éésì" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tó bá kà á á rò pé ẹ̀rọ amúlétutù lẹ̀ ń sọ. Ohun tí iná yẹn ń ṣe ni kẹ́ ẹ wò. Dísì, apá ibì kan náà ló ń lọ ṣáá bí omi odò, éésì ní tiẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Torí náà "iná àlọ" àti "iná àlọbọ̀", mọ́tọ̀ àlọ, mọ́tọ̀ àlọbọ̀, ó tán. Ẹ tún lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ́tọ̀ àlọ ló dáa jù tí oòrùn ò bá mú, torí iná àlọ ni páńẹ́lì fúnra ẹ̀ ń mú jáde, ẹnikẹ́ni ò yí i padà kó tó dé mọ́tọ̀, kò sófò lọ́nà.

Rewáyà: Tíṣà mi, àlọbọ̀ dùn lẹ́nu, mo gbà á. Èyí tẹ́ ẹ wá sọ tẹ̀ lé e yẹn ni ò dúró dáadáa. Tó bá jẹ́ mọ́tọ̀ dísì ayé àtijọ́ ni, èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń ha ara rótọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú mọ́tọ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà bíi pọ́ǹpù dísì báyìí, tí à ń sọ sínú kànga, òòfà ló wà lára rótọ̀ ẹ̀, wáyà mẹ́ta ló sì ń lọ bá a láti ara kọntírólà. Kọntírólà yẹn á gba iná páńẹ́lì, á gé e wẹ́wẹ́, á máa pín in fún wáyà mẹ́ta yẹn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé kí òòfà lè máa lé e kiri. Àlọbọ̀ ló ń jẹ nísàlẹ̀ kànga! Ẹnu kọntírólà ni dísì parí sí. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ inú mọ́tọ̀ gan-an ni wọ́n tẹ kọntírólà náà sí, ìyẹn ni ẹ ò ṣe ní rí i níta.

Ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ ni òòfà. Mọ́tọ̀ tí a ń pè ní éésì ò lóòfà kankan nínú rótọ̀, inú iná tó bá rí ló ti máa mú díẹ̀ láti fi sọ rótọ̀ di òòfà kó tó lè yí i. Lọ́sàn-án gangan kò séwu, àmọ́ láàárọ̀ tí iná ò tíì tó nǹkan, díẹ̀ yẹn máa ń dunni. Tó bá jẹ́ èmi ni, "mọ́tọ̀ olóòfà" àti "mọ́tọ̀ aláìlóòfà" ni mo máa kọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọpọlọ o. Èmi ò mọ orúkọ tí tèmi ń jẹ́, pọ́ǹpù ẹlẹ́ṣin kan ni, ínfátà ilé la so ó mọ́, tí mo bá tàn án láàárọ̀ á máa kùn hùùù, kò ní yí, ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo ilé á kú. Wọ́n ní torí pé éésì ni, kí n lọ ra dísì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rewáyà: Ìyá, ọ̀tọ̀ ni ohun tí Akọ̀wé béèrè, àmọ́ ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn. Mọ́tọ̀ yín, tó bá jẹ́ oníkápásítọ̀, èyí tó ní agolo kékeré kan tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, iná tó ń jẹ tó bá fẹ́ gbéra máa ń tó ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń jẹ tó bá ń yí, kò sì mọ eré míì yàtọ̀ sí eré àsápajúdé. Ínfátà pọ́ǹpù ní tiẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń fa mọ́tọ̀ dìde, mọ́tọ̀ oníwáyà mẹ́ta ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ tàn án lọ́sàn-án tí bátìrì kún, tó bá ṣì ń kùn láìyí, kápásítọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Tíṣà: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Yíyí láìmú omi wá, mo ní ká pè é ní "ìpòòyì". Ó ń pòòyì lójú kan, kò débì kankan.

Akọ̀wé: Mo fẹ́ràn yẹn. Àmọ́ kí ló ń fà á gan-an? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó yàtọ̀ sí kó kàn dákú.

Rewáyà: Ó yàtọ̀ gidi. Ẹ jẹ́ ká mú kànga kan. Láti ojú omi dé ẹnu táǹkì jẹ́ mítà 40. Pọ́ǹpù abẹ̀bẹ̀ la sọ sí i, èyí tó ń fi abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ti omi sókè, tó jẹ́ pé tó bá ń sá 50 Hz, ibi tó lè ti omi dé kó tó dúró jẹ́ mítà 60. Tí oòrùn bá rẹlẹ̀, ínfátà á dín eré kù kó má bàa fa iná ju èyí tí páńẹ́lì ní lọ. Ó wá dé 35 Hz. Ẹ máa rò pé eré kàn dín kù díẹ̀ ni, àmọ́ agbára ìtì pọ́ǹpù abẹ̀bẹ̀ ń tẹ̀ lé eré lọ́nà ìlọ́po ara ẹ̀:

```
60 x (35/50) x (35/50) = 29.4
```

Mítà 29! Omi á gùn dé ibẹ̀ á dúró, mọ́tọ̀ á máa yí lọ. Àfi tó bá tó bíi 41 Hz kí omi tó dé òkè. Tẹ́ ẹ bá jí lọ dúró tì í láàárọ̀ ẹ máa rí i, ojú ínfátà á máa kọ 22, 30, 38, páìpù á dákẹ́ roro, lẹ́yìn náà ẹ máa gbọ́ afẹ́fẹ́ fùùù lẹ́nu páìpù, omi dé nìyẹn. Ìpòòyì yín gan-an ni gbogbo àkókò tó ṣíwájú fùùù. Kì í sì í ṣe òfò iná nìkan, omi tó há sínú pọ́ǹpù ò kúrò níbẹ̀, gígbóná ló ń gbóná sí i, òun ló sì yẹ kó máa tu mọ́tọ̀ lára. Ìyẹn la ṣe ń sọ fún ínfátà pé tó bá pẹ́ tí kò kọjá 40 kó sùn.

Dídákú ní tiẹ̀, ìkùukùu ló ń fà á. Tí oòrùn bá dín, áńpù páńẹ́lì ló ń dín, fóòtì ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Àmọ́ tí ìkùukùu bá ṣàdédé bò ó, tí mọ́tọ̀ ṣì ń béèrè áńpù tàná, fóòtì á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ínfátà á pa ara ẹ̀. Tó bá yá á tún jí.

Tíṣà: Ó dáa. Ṣé mọ́tọ̀ olóòfà yín wá ní kì í pòòyì ni?

Rewáyà: Á pòòyì dáadáa, tó bá jẹ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ so mọ́ ọn! Èyí tí kì í pòòyì ni pọ́ǹpù oníṣíkúrù, irin lílọ́ kan tó ń yí nínú rọ́bà. Gbogbo ìyíkà ló ń gbé ìwọ̀n omi tiẹ̀ gòkè, ì báà rọra yí, ì báà sáré, eré ìdá mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ìdá mẹ́rin. Ó kàn jẹ́ pé ó wúwo láti ṣí nílẹ̀, mọ́tọ̀ olóòfà ló sì lágbára yẹn nígbà tí eré ò tíì sí, ìyẹn làwọn méjèèjì ṣe máa ń jọ rìn, táwọn èèyàn wá ń fi ìyìn ṣíkúrù fún dísì. Yanrìn máa ń jẹ rọ́bà yẹn o. Tí omi ò bá sì jìn tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ lẹ̀ ń wá, abẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kódà kó jẹ́ aláìlóòfà.

Tíṣà: Mo gbọ́, àmọ́ mi ò gba "olóòfà". Ara páálí, DC ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tó ń wá olóòfà lọ́jà kò ní rí i.

Akọ̀wé: Àlọ àti àlọbọ̀ ni mo máa lò fún iná tó wọ kọntírólà, olóòfà fún mọ́tọ̀. Ìpòòyì àti ìdákú, mo ti mú wọn. Abẹ̀bẹ̀ àti ṣíkúrù ló yẹ kó ṣíwájú nínú ìwé náà bó ṣe rí yìí, mo ti fi wọ́n sí ojú ìwé kẹjọ tẹ́lẹ̀.

Tíṣà: Mi ò tíì fọwọ́ sí olóòfà o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú, mo ti tàn án lọ́sàn-án. Ó ṣì ń kùn. Bọ̀dá, kápásítọ̀ yẹn ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí eyín ń dùn.