Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìyọkúrò: tíṣà ti fèsì

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ọmọ mi gba 89 − 34, tó sì kùnà 52 − 38, 71 − 46 àti 60 − 27?"

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin tí ẹ fèsì sí ìbéèrè mi yìí. Ẹni tó ní ọmọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń yá nọ́ńbà rí ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà tó ń kọ́ ọ nílé wo fọ́tò iṣẹ́ náà, ó sì kọ̀wé sí i:

"Ọmọ mi, 26, 35 àti 47 lo kọ. Ohun kan náà ló ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Nínú 52 − 38, o rí i pé 2 kéré sí 8, lo bá yí wọn padà, o yọ 2 kúrò nínú 8. Inú ti òkè la ti ń yọ ti ìsàlẹ̀. Yá mẹ́wàá kan lọ́wọ́ 5: 5 á di 4, 2 á di 12. 12 − 8 ku 4, 4 − 3 ku 1, ó di 14. Kò sí yíyá nínú 89 − 34, ló ṣe bọ́ sí i fún ọ. Tó o bá ṣe tán, ro ìdáhùn rẹ mọ́ 38. 26 + 38 jẹ́ 64, kì í ṣe 52."

Ọmọ mi ti tún wọn ṣe: 14, 25, 33. Àmọ́ 402 − 168 ṣì ń dà á láàmú, torí òdo àárín kò ní ohun tó máa yá 2. A ó gbé ìyẹn lọ bá tíṣà.