Ìsàlẹ̀ kòtò tó ń bọ̀ sókè: kí la ó máa pè é?

Atúmọ̀ èdè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń túmọ̀ ìwé ààbò fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa kòtò jíjìn ní Lẹ́kí, níbi tí wọ́n ti ń gún ṣíìtì páìlì, irin pẹlẹbẹ tó ń so mọ́ ara wọn bí ògiri, wọlẹ̀ yíká kí wọ́n tó gbẹ́ àárín. Ọ̀rọ̀ méjì ló há mi lẹ́nu: irin tí wọ́n ń gbé láti ògiri kan dé èkejì kí méjèèjì má bàa wó pàdé, àti ewu kí ìsàlẹ̀ kòtò máa dìde bá àwọn tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ wo ni òṣìṣẹ́ á gbọ́ tí á yé e lójú ẹsẹ̀?

Olùkọ́ èdè: Àbúrò mi, ti ìsàlẹ̀ kòtò yẹn kò le. Ohun tó bá ti ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bù kún un, wíwú ló wú. Ìwú ìsàlẹ̀ kòtò ni kó o kọ. Ti irin yẹn, òpó ni. Kí ni òpó ń ṣe nínú ilé bí kò ṣe kó gbé nǹkan ró kó má wó?

Ọ̀gá ìkọ́lé: Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ ìkọ́lé ni tèmi, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Nígbà tí a ń gbẹ́ ihò fún táǹkì abẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, iyanrìn lásán ni ilẹ̀ ibẹ̀. A fi ẹ̀rọ fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Kò pẹ́ tí ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, omi àti iyanrìn jọ ń rú jáde, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń rì. "Ilẹ̀ ń hó" ni gbogbo wa pè é, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Irin ìdábùú ló kéré. Ká ní a fi kún un ni, kò bá má ṣẹlẹ̀.

Ẹnjinníà ilẹ̀: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé nǹkan mẹ́ta la kó pọ̀ níbí, oògùn wọn kò sì jọra.

Ohun tí Ọ̀gá rí lẹ́bàá ọ̀sà, omi ló ṣe é. Wọ́n fa omi inú ihò sílẹ̀, ti ìta ṣì ga, omi ìta wá gba abẹ́ ṣíìtì páìlì kọjá, ó ń gòkè láàárín iyanrìn títí tí hóró iyanrìn kò fi lè jókòó lórí ara wọn mọ́. Híhó bá a mu gan-an, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ìdábùú kò lè dá a dúró, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ṣíìtì páìlì tó gùn sí i ló yẹ, kí ọ̀nà tí omi máa rìn lè jìn, tàbí kí a gbẹ́ kànga ìfami kí omi ìta náà lè lọ sílẹ̀.

Wíwú tí Olùkọ́ sọ náà wà. Amọ̀ tí a bá kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀ máa ń fa omi mu díẹ̀díẹ̀, á sì wú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ó lè ba ilẹ̀ kọnkéré jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n kì í ká òṣìṣẹ́ mọ́ inú kòtò.

Èyí tí ìwé ààbò ń sọ ni pé agbára amọ̀ ti tán. A ti kó ilẹ̀ inú kòtò dànù, ti ìta ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, ó ń tẹ amọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Tí amọ̀ náà bá rọ̀ jù, á yọ́ gba abẹ́ ẹsẹ̀ ṣíìtì páìlì bọ́ sínú kòtò, bí fùfú tí a fọwọ́ tẹ̀ lápá kan tó yọ lápá kejì. Nítorí náà, ìta ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá àmì rẹ̀. Ilẹ̀ ìta á máa rì, á máa sán ní ìlà gígùn tó bá etí kòtò lọ, ọgbà tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Nínú kòtò, ẹ ó kàn rí i pé ẹ ń gbẹ́ títí, kò sì jìn sí i.

Kí n mú kòtò kan, ẹ ó rí ibi tí mò ń lọ. Ó jìn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 8, ó gùn ní mítà 20. Amọ̀ rírọ̀ ni látòkè délẹ̀: ìwúwo rẹ̀, γ, jẹ́ 16 kN/m³, agbára rẹ̀, su, jẹ́ 20 kPa. Ẹrù tí wọ́n kó sí etí kòtò, q, jẹ́ 10 kPa. Ẹ jẹ́ ká pe jíjìn rẹ̀ ní H, fífẹ̀ rẹ̀ ní B, gígùn rẹ̀ ní L. Nc ni iye tó ń wá láti inú ìrísí kòtò. FS ni ìwọ̀n ààbò: ó ń sọ iye ìgbà tí agábra amọ̀ fi ju ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Báyìí la ṣe ń yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò:

```
Nc = 5 (1 + 0.2 H/B) (1 + 0.2 B/L)
FS = Nc × su / (γH + q)
```

Onímọ̀ ilẹ̀ kan, Skempton, ló gbé ti òkè yẹn kalẹ̀ ní 1951. Bjerrum àti Eide ló wá lo irú èrò bẹ́ẹ̀ ní 1956 fún àwọn kòtò inú amọ̀, wọ́n sì fi í wé kòtò gidi tó fi mọ́ èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ sókè rí. Fún kòtò tiwa, Nc bọ́ sí 6.2, FS sì jẹ́ 1.17. Ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ kó dín sí 1.5, nítorí pé bí a ṣe ń wọn agbára amọ̀ fúnra rẹ̀ kò dájú tán. Ká ní amọ̀ náà le díẹ̀, kó jẹ́ 25 kPa, FS ì bá di 1.46. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ 5 kPa péré nínú àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣe gbé e sún mọ́ 1.5.

Ọ̀gá, ẹ wá tún ìlà kejì yẹn wò. Kò sí irin ìdábùú nínú rẹ̀ rárá.

Ọ̀gá ìkọ́lé: Ó yé mi. Àmọ́ kí la wá fẹ́ ṣe sí kòtò 1.17 yẹn? Ṣé ká pa iṣẹ́ tì ni? Ká gún ṣíìtì páìlì tó gùn wọlẹ̀ bíi ti oníyanrìn ńkọ́?

Ẹnjinníà ilẹ̀: Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá máa kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀, ó dára, torí amọ̀ kò ní rí ibi gbà. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ amọ̀ rírọ̀ kan náà ló ń bá lọ, èrè rẹ̀ kéré, owó irin sì pọ̀.

Ohun tí èmi á ṣe ni kí n má gbẹ́ mítà 20 lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá gbẹ́ mítà 8, tí a da kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí a tó bọ́ sí èyí tó kàn, Nc di 6.9, FS di 1.30. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a má jẹ́ kí nǹkan kan wà ní etí kòtò, yálà erùpẹ̀ tí a gbẹ́, bùlọ́ọ̀kù tàbí kírénì: ó di 1.44. Tí a bá tún ha ilẹ̀ ìta sílẹ̀ ní ààbọ̀ mítà, ní gbogbo ibi tó jìnnà tó nǹkan bíi mítà 6 sí etí kòtò, H di 5.5, FS sì kọjá 1.5 díẹ̀. A kò fi irin kan kún un.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a lábàá pé kí a pè é ní *ìtìsókè ìsàlẹ̀*. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ á bèèrè pé kí ló ń tì í, á sì wo ẹrù etí kòtò.

Olùkọ́ èdè: O ṣeun, mo jọ̀wọ́ ìwú fún ọ. Ṣùgbọ́n ìtìsókè dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé létí mi. *Ìrúsókè* ńkọ́? Ilẹ̀ ń rú sókè, ọmọdé mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá ìkọ́lé: Màmá, rírú ni omi àti iyanrìn tèmi náà rú o. A ó tún dà á pọ̀ mọ́ híhó.

Atúmọ̀ èdè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti irin yẹn wá ńkọ́? Tí kò bá gba ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ìtìsókè, kí ni mo máa sọ fún òṣìṣẹ́ pé ó wà fún?

Ẹnjinníà ilẹ̀: Ògiri ló wà fún, iṣẹ́ ńlá sì ni. Nínú kòtò tí mo mú ṣàpẹẹrẹ, ká ní ọ̀pá kan wà ní mítà 1 sísàlẹ̀, èkejì ní mítà 3.5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi mítà 4 jìnnà sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń fi 60 kPa ti ògiri, ọ̀pá ìsàlẹ̀ á gba ti mítà 2.5 lóròó àti mítà 4 ní gígùn. Ó di 600 kN, ìyẹn nǹkan bí ìwúwo tọ́ọ̀nù 60, tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí méjèèjì. Òpó kì í dùbúlẹ̀, Màmá, ẹ má bínú. *Ọ̀pá ìdábùú* ni màá pè é, Ọ̀gá ti ń fẹnu sọ ọ́ láti àárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé náà tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n má gbẹ́ kọjá ibi tí ọ̀pá máa wà ju ìwọ̀n tí àwòrán bá sọ lọ, kí wọ́n tó fi ọ̀pá náà sí i. Ààbọ̀ mítà ni wọ́n sábà máa ń kọ. Awakọ̀ katapílà tó ń kánjú á gbẹ́ mítà méjì, ọ̀pá òkè á wá gba ẹrù tirẹ̀ àti ti èyí tí kò tíì dé.

Orí ọ̀pá gan-an sì tún léwu ju àárín rẹ̀ lọ. Ní Nicoll Highway ní Sìngápọ̀, ní April 20, 2004, kòtò ojú irin tó jìn tó nǹkan bíi mítà 30 wó, ó pa èèyàn 4. Ògiri kọnkéré ni tiwọn, kì í ṣe ṣíìtì páìlì, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pá ìdábùú ìpele kẹsàn-án ti fara kan irin tó bá ògiri lọ ló kọ́kọ́ tẹ̀. Irin tó bá ògiri lọ yẹn náà kò tíì lórúkọ. Mo ń rò ó sí *ìgbànú*.

Olùkọ́ èdè: Rárá o. Ìta ni ìgbànú ń wà, ó ń fún nǹkan pọ̀. Inú kòtò lèyí wà, ọ̀pá ló sì ń fara tì í. *Àfaratì* ló yẹ ẹ́.

Ọ̀gá ìkọ́lé: Wélà làwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é. Ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀, kí n gbọ́ bóyá àfaratì á dùn lẹ́nu wọn.

Atúmọ̀ èdè: Mo ti kọ èyí báyìí: "Ìtìsókè ìsàlẹ̀: tí ilẹ̀ ìta bá ń sán tàbí tó ń rì, ẹ jáde kúrò nínú kòtò. Ẹ má kó ẹrù sí tòsí etí kòtò." Ó dára bẹ́ẹ̀?

Ẹnjinníà ilẹ̀: Yọ "tòsí" kúrò, kọ iye mítà. Tòsí ti awakọ̀ tíípà àti tòsí tèmi kì í ṣe ọ̀kan náà.