Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ fídíò ìpè ìṣọ́ òru rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Ẹ kú alẹ́ o. Ìjọ wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ fídíò kékeré tá a máa fi pe èèyàn sí ìṣọ́ òru láìfù, kí n sì kọ òmíràn fún àwọn tí kò bá ráyè wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo ló ṣe lọ?

Bọ̀dá Káméà: Èyí tá a kọ́kọ́ ṣe, pásítọ̀ kí àwọn àgbà, ó kí akọrin, ó kí gbogbo Àjàṣẹ́, kó tó dé orí àdúrà àwọn èèyàn ti gbá a kọjá. Nísinsìnyí ohun tó ń jẹ èèyàn lọ́kàn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tá a lò fáwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò bàákì nìyí:

"Ọmọ rẹ ń kàwé lóru, oorun ò kun ìwọ náà. Jimọ́ yìí, aago mẹ́wàá alẹ́ ti Àjàṣẹ́, a jọ máa gbàdúrà fáwọn tó ń lọ ṣe bàákì. Kọ orúkọ ọmọ rẹ sábẹ́ fídíò yìí, a máa pè é."

Kà á sókè, fi fóònù wọn ọ́n, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ kan náà ló bẹ ẹni tó ń wò ó, kó kọ orúkọ.

Ọmọ Alákétu: "Ti Àjàṣẹ́" yẹn ló ṣe pàtàkì jù! Tiwa, "aago mẹ́wàá" lásán la kọ, ni ẹ̀gbọ́n mi ní Lomé bá wọlé nígbà tí aago tiwọn lu mẹ́wàá, a ti lu mọ́kànlá, ó ní ṣé a ti ń ṣe àmín ni 😂

Sábẹ̀ẹ́ Ni Mí: Lomé tó wà níbí yìí? Aago wọn yàtọ̀?

Ọmọ Alákétu: Ó yàtọ̀ o. Tógò, Gánà, Kóòdìfùá, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Nàìjíríà ló bá wa dọ́gba. Ti Paríìsì tún wá le, lóṣù kẹfà tí wọ́n ń ṣe bàákì yẹn mọ́kànlá ti lù lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ní Kérésì aago kan náà ni.

Físà Mi Dà: Ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ máa gbàdúrà fún físà náà? Kí n kọ orúkọ mi?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Bọ̀dá, bàákì la wí 🤣

Àdùkẹ́ Kétu: Èmi ò lè kọ orúkọ ọmọ mi síta gbangba láéláé. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Sábẹ̀ẹ́ Ni Mí: A mọ̀ ọ́n o, ìyá mi.

Bọ̀dá Káméà: Orúkọ kan péré ni, kò sí ti bàbá, kò sí ti ilé ìwé. Ẹni tẹ́rù bá ń bà, kó fi ránṣẹ́ sí wa ní ìkọ̀kọ̀.

Àdùkẹ́ Kétu: Ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan ni. Ìjọ kan tí mò ń lọ nígbà kan, wọ́n ṣe fídíò fáwọn tí kò wá, wọ́n mú ibi tí obìnrin kan ti ń sunkún, tó ń yí nílẹ̀, tó ń sọ fún Ọlọ́run pé òun ò tíì rí ọmọ bí, ohùn rẹ̀ já gaara, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí fídíò fi dé ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ lórí Wásáàpù, ìjà ọjọ́ yẹn kọjá sísọ, obìnrin náà ò padà wá mọ́.

Ọmọ Alákétu: Ha!

Akọrin Ajẹ́bíàkàrà: Ó dùn mí. Ọwọ́ tí wọ́n nà sókè àti ẹ̀yìn orí ló yẹ kí wọ́n yà.

Bọ̀dá Káméà: Tẹ́nìkan bá tiẹ̀ gbà lóru pé kẹ́ ẹ lo òun, ẹ tún bi í lọ́jọ́ kejì tójú rẹ̀ bá ti wálẹ̀.

Mo Wà Níbí: Kí lẹ ń pa ara yín sí? Láìfù wà lórí Fesibúùkù títí ayé, ẹ fi líǹkì ránṣẹ́, ó parí.

Bọ̀dá Káméà: Ó ti wà títí ayé tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kejì 2025, láìfù tuntun, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́, ẹ yáa gbà á sórí fóònù. Ta ló tiẹ̀ ní dátà wákàtí mẹ́rin? Tiwa kì í ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ:

"Iṣẹ́ ò jẹ́ kó o wá lánàá. Ìṣe Àpọ́sítélì 16:25 la kà. Àdúrà tó pẹ́ jù lẹ́nu wa ni pé kí ẹ̀rù má gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ohun tí wọ́n ti kà. Dúró, gbà á báyìí."

Lẹ́yìn "báyìí", ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ tí àwọn akọrin á kàn máa hùn lábẹ́lẹ̀, kí ẹni náà gbàdúrà tiẹ̀. Àyè yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gé kúrò, wọ́n á ní fídíò ti kú.

Mo Wà Níbí: Àdúrà àná tí wọ́n tún gbé wá lónìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Akọrin Ajẹ́bíàkàrà: Oúnjẹ àná lo jẹ láàárọ̀ yìí, ṣé kò yó ọ ni?

Mo Wà Níbí: Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Ẹ dákun, ìdajì ìjọ wa Gùn ni wọ́n ń sọ. Ṣé Gùn ni kí n kọ sísàlẹ̀ fídíò ni àbí Faransé?

Ọmọ Alákétu: Faransé. Àwọn ọmọ á kà á.

Akọrin Ajẹ́bíàkàrà: Àwọn ìyá tí ẹ ń pè ńkọ́? Èmi ọmọ Gùn ni mo ń sọ fún yín, ìyá mi ò ka nǹkan kan sísàlẹ̀ fídíò rí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ẹnu sọ ọ́ ní Gùn.

Bọ̀dá Káméà: Yóò di ìlọ́po méjì nígbà náà.

Akọrin Ajẹ́bíàkàrà: Ẹ ṣe é ní fídíò méjì. Mo lè kà á fún yín.